Bí a ṣe ń so fọ́tò àtijọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ nínú fídíò ìfẹ̀yìntì ọ̀gá ilé-ìwé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣètò fídíò ìdágbére fún ọ̀gá ilé-ìwé ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ olùsọ̀tàn tán kí wọ́n tó gba ohùn àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń wọ́, nítorí pé ohun tí olùsọ̀tàn ti sọ ni àwọn olùkọ́ yóò tún sọ. Ohùn àwọn akẹgbẹ́ ló yẹ kó ṣáájú. Bí a bá bi olùkọ́ kan pé irú èèyàn wo ni ọ̀gá, yóò ní onísùúrù ni, ẹni tó tẹ̀ lé e náà yóò ní onísùúrù ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kó sọ ohun tó ṣojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ìtàn ni yóò pa.

Ká ní ìṣẹ́jú 5 ni fídíò náà. Ohùn akẹgbẹ́ 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 35, gba ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Olùsọ̀tàn gba ìṣẹ́jú 2, nǹkan bí 240 ọ̀rọ̀ bí kò bá sáré. Ìṣẹ́jú àáyá 40 tó kù jẹ́ ti fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sì yẹ ká fi ọ̀rọ̀ dí i.

Ojú ìwé tí a kọ ètò fídíò náà sí a máa pín sí méjì: ohun tí a ó rí wà lápá òsì, ohun tí a ó gbọ́ wà lápá ọ̀tún. Nọ́ńbà tí a kọ síwájú fọ́tò gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára fáìlì rẹ̀ mu. Ká wo olùkọ́ kan tó ń sọ pé: “Òjò kò fẹ́ dá. Ọ̀gá bọ́ síta, wọ́n di agboòrùn mú, wọ́n ń sin àwọn ọmọ lọ sídìí bọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan.” Fọ́tò 14 ni ti ọ̀gá pẹ̀lú agboòrùn. Bí ó bá yọ nígbà tí olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òjò, ìtàn ti tú; nítorí náà, a ó fàlà sábẹ́ “agboòrùn”, a ó sì kọ ọ́ sí apá òsì pé: “Fọ́tò 14 wọlé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìṣẹ́jú àáyá 6, kí a tó padà sí ojú olùkọ́.” Fọ́tò tí èrò pọ̀ nínú rẹ̀ lè dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 8, kí ojú lè ráyè wá ọ̀gá rí.

Fọ́tò kékeré tó fẹ̀ ní ínǹṣì 2, tí a bá fi ẹ̀rọ dà á kọ ní àmì kéékèèké 300 tó ń para pọ̀ di àwòrán sí ínǹṣì kan, yóò ní àmì 600 péré, yóò sì rí bàìbàì lójú fídíò tó fẹ̀ ní àmì 1920. Ní 1200 sí ínǹṣì, yóò tó 2400. Fọ́tò tí a gé láti inú ìwé ìròyìn kò ní tìtorí èyí mọ́ sí i; kí a fi í sílẹ̀ ní kékeré láàárín ojú fídíò.

Kí ẹnikẹ́ni tó to fídíò pọ̀, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ jù nílé-ìwé wo gbogbo fọ́tò, nítorí òun ló mọ ẹni tó ti kú nínú wọn, tí olùkọ́ kan lè máa rẹ́rìn-ín lé lórí láìfura.