Akáǹtì tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, báwo ni mo ṣe máa tà á?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọdún 8 ni mo fi ṣe akáǹtì ní ọ́fíìsì, mo wá ń ṣe é fúnra mi báyìí. Kọ́sítọ́mà mi àkọ́kọ́ ní kí n bá òun bójú tó ìwé owó òun, mo dá iye kan fún un, àmọ́ iṣẹ́ yẹn ò parí títí di òní. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kì í ṣe iye tó o dá ló kọ́kọ́ bàjẹ́, ohun tó o tà ni ò lójú. Lójú tìẹ, kó o kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sílẹ̀ ni "bójú tó ìwé owó", lójú kọ́sítọ́mà, owó orí wà níbẹ̀, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, kó o tún máa wá rísíìtì tó ti sọnù kiri.

Èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Oníṣòwò kan gbé tiẹ̀ wá, mo ní kí lèyí náà, mo dá owó oṣù kan fún un, ìgbà tí mo wá ṣí sítétímẹ́ǹtì báńkì ẹ̀ ni mo rí i pé ó ti tó oṣù 7 tí wọ́n ti kọ nǹkan kan sílẹ̀ gbẹ̀yìn, owó ilé àti owó ọjà sì lọ́ mọ́ra wọn nínú akáǹtì kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ 3 ni mo fi tú u. Látìgbà yẹn, mi ò kí ń dárúkọ owó fún ẹnikẹ́ni tí mi ò bá tíì rí sítétímẹ́ǹtì oṣù 3, ti gbogbo akáǹtì tó ní.

Ìlà inú ẹ̀ ni kó o kà, torí ìlà kọ̀ọ̀kan niṣẹ́. Ká ní akáǹtì 2 ló ní, tí ìlà gbogbo ẹ̀ sì jẹ́ 360 fún oṣù 3, ìlà 120 nìyẹn lóṣù. Tó o bá ń lo ìṣẹ́jú 2 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4. Kó o fi ìwé tìẹ wé ti báńkì títí wọ́n á fi dọ́gba, wákàtí kan fún akáǹtì kan, ìyẹn 2. Kíkọ ìròyìn oṣù, wákàtí 1, ìpè àti ìbéèrè, wákàtí 1. Wákàtí 8 ni lápapọ̀.

Wàá wá mú iye tó o fẹ́ máa gbà lóṣù, má fi wákàtí 160 pín in bíi ti ọ́fíìsì o, torí wíwá kọ́sítọ́mà àti bíbèèrè gbèsè á jẹ nínú àkókò ẹ, wákàtí 100 lèmi fi ń pín in. Ohun tó bá jáde ni owó wákàtí kan, sọ ọ́ di ìlọ́po 8, iye tí wàá dá fún un lóṣù nìyẹn. Irú kọ́sítọ́mà yìí 12, o ti kún nìyẹn.

Ohun tí wàá kọ fún un ò ju ojú ìwé kan lọ: akáǹtì 2, ìlà tí ò ju 150 lọ lóṣù, tó bá lé, ìlà 25 kọ̀ọ̀kan ní owó tiẹ̀. Ìwé ẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹ lọ́jọ́ 5 oṣù, lọ́jọ́ 12, á gba ìròyìn èrè àti òfò, àkọsílẹ̀ ohun tó ní àti gbèsè tó jẹ, àti ojú ìwé tó fi hàn pé tìẹ àti ti báńkì bára mu. Oṣù tó ti kọjá tí wọn ò kọ, owó ọ̀tọ̀ ni, kó san án kó o tó bẹ̀rẹ̀. Owó orí, owó oṣù òṣìṣẹ́ àti ọ́díìtì ò sí níbẹ̀, ẹni tó kọ ìwé ò ṣáà lè tún jẹ́ ọ́dítọ̀ ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí ò bá wá fi rísíìtì ránṣẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Má máa lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó gbogbo ìlà tó ò mọ̀dí sábẹ́ orúkọ kan, "Ẹ bá mi ṣàlàyé", fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ 6. Tó bá fi ọjọ́ 4 pẹ́, ìròyìn náà á fi ọjọ́ 4 pẹ́, kọ ìyẹn sínú àdéhùn. Tó bá jẹ́ pé nínú ìlà 120, ó ju 10 lọ tó ṣì wà níbẹ̀, mo máa ń kọ ọ́ sókè ìròyìn pé èrè yìí ò tíì dájú. Nǹkan míì tún wà, tí ìyàtọ̀ kan náà bá wà láàárín ìwé ẹ àti báńkì lóṣooṣù tí ò lé tí ò dín, ó sábà máa ń jẹ́ owó ìbẹ̀rẹ̀ tó o bá níbẹ̀ ló ti wọ́, oṣù ẹ̀yìn lo máa padà sí, iṣẹ́ olówó ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi ń túmọ̀ èdè, ọ̀rẹ́ mi ń ṣe dìsáìnì, ṣé bákan náà ni tiwọn?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n á kà ló yàtọ̀. Kí ìyàwó ẹ ka ọ̀rọ̀ inú ìwé tí wọ́n gbé wá, kì í ṣe èyí tó bá túmọ̀ tán, torí ìyẹn lè gùn lè kúrú, ti àkọ́kọ́ la mọ iye ẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́tò ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́, títẹ̀ ẹ́ jáde ní owó tiẹ̀. Ti dìsáìnì, àtúnṣe ló ń pa wọ́n. Kí ọ̀rẹ́ ẹ kọ ọ́ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, kó sì sọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan: gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ yí padà, nínú mẹ́sééjì kan, láti ọwọ́ ẹnì kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá á ní kó pọ́n, akọ̀wé á ní kó dúdú, àwọn méjèèjì á sì ní àtúnṣe àkọ́kọ́ làwọn ṣì wà.