Okùnfà nínú ìtàn: ṣé ataare ló fa ogun Òwu lóòótọ́?

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí ló fa ogun Òwu, ataare ni wọn yóò dárúkọ. Ní ọjà Apòmù, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin ará Òwu kan ra ataare lọ́wọ́ obìnrin oníṣòwò kan tó wá láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n kà á, iye rẹ̀ kò bá ara mu, ìjà dé. Ará tọ̀hún dá sí i, ará tibí dá sí i, ọjà tú, kò sì pẹ́ tí ọmọ ogun Ìjẹ̀bú fi gba ọ̀nà Òwu lọ. Bí Alùfáà Samuel Johnson, tó parí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní 1897, ṣe gbọ́ ọ nìyẹn.

N kò rò pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí wọn kì í jà lọ́jà. Èwo ló wá dé tí ìjà yìí fi di ogun tó pa ìlú ńlá rẹ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ òpìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní okùnfà kì í kàn ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó jẹ́ pé, bí kò bá sí i, ohun tó tẹ̀lé e kì bá tí wáyé, tàbí kì bá tí rí bó ṣe rí.

Ẹ wo Apòmù fúnra rẹ̀. Abẹ́ Ifẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Òwu, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ti ń pàdé ná ọjà. Ìjẹ̀bú ló di ọ̀nà etíkun mú, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ, tí ìbọn àti ẹ̀tù sì ń gbà wọlé. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1807 dá ọkọ̀ tiwọn dúró, ṣùgbọ́n Brasil àti Kúbà ṣì ń ra ènìyàn. Nítorí náà gbọ́mọgbọ́mọ gbilẹ̀ ní Apòmù, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ń jí gbé jù.

Nígbà tí apá Aláàfin ṣì ká ilẹ̀, ẹni tó bá ta ọmọ Ọ̀yọ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí. Lẹ́yìn ikú Aláàfin Abíọ́dún ní 1789, tí àwọn ìjòyè ṣọ̀tẹ̀ sí Aólẹ̀ tó jọba tẹ̀lé e, tí Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́, sì gba òmìnira ní Ìlọrin, ẹ̀rù yẹn lọ. Àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó bá àwọn fòpin sí jíjí ènìyàn gbé náà. Olówu gbé ogun ja àwọn ìlú tọ́rọ̀ kàn, Apòmù wà lára wọn, ìlú Ifẹ̀ sì ni wọ́n. Ifẹ̀ bínú, ó dìde sí Òwu, Òwu sì fọ́ ogun rẹ̀ yángá. Ọdún bíi mélòó kan ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ fi wà ní bùdó lẹ́yìn náà, tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n lè padà sílé.

Ìgbà yìí gan-an ni ìjà ataare dé.

Òpìtàn á wá máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ìbá kù. Ẹ yọ ataare kúrò: Ifẹ̀ ṣì wà ní bùdó, inú rẹ̀ ò tíì rọ̀, ìjà mìíràn lè fà á. Ẹ yọ òwò ẹrú kúrò: ta ni yóò máa jí ènìyàn gbé ní Apòmù, kí sì ni Olówu ìbá tìtorí rẹ̀ gbógun lọ? Kò sẹ́ni tó lè fi ojú rí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, nítorí náà àríyànjiyàn ni èyí máa ń jẹ́, ẹ̀rí mìíràn ló sì gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn.

Síbẹ̀, kò yẹ ká sọ ataare nù. Ifẹ̀ ti bínú fún ọdún púpọ̀ láì rí Òwu ṣe nǹkan kan. Ìjà ọjà náà ló mú Ìjẹ̀bú wọlé, Ìjẹ̀bú sì gbé ìbọn wá bá àwọn jagunjagun Òwu tó jẹ́ pé àgẹ̀dẹ̀ǹgbé, idà gígùn wọn, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ tí ìlú wọn ti tú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú. Ataare ló sọ ìgbà tí ogun náà yóò bẹ́ àti ẹni tí yóò wà níbẹ̀. Kò sọ ìdí tí àwọn ìlú wọ̀nyẹn fi ti múra ìjà sílẹ̀.

Àwọn òpìtàn kò tíì fẹnu kò lórí èyí tó wúwo jù nínú ìṣubú Ọ̀yọ́ àti òwò ẹrú. Lójú tèmi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun náà gbe òwò ẹrú. Nígbà tí ebi mú Òwu tó sì ṣubú, kò sí ataare tí ẹnikẹ́ni tún ń jà lé lórí mọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà kò túká lọ sílé. Wọ́n yí sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀dó sí Ìbàdàn, àwọn Ẹ̀gbá tó kù sì sá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1830. Gbogbo ìlú tí wọ́n bá fọ́ ni wọ́n ń kó ènìyàn níbẹ̀, etíkun sì ń rà wọ́n.