Rírú òfin Húndì kì í ṣe rírú òfin Páólì

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìn ní Òkè-Ìlẹ̀wò, l'Ábẹ́òkúta níbí, gbé ìwé ìdánwò rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kọ̀ láti fún ní ṣéńjì. Ìbéèrè náà dá lórí káábọ́ọ̀nù. Wọ́n ya ọ̀nà mẹ́rin tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tó kẹ́yìn lè gbà wà nínú 2p, wọ́n sì ní kí ó mú àwọn èyí tí kò lè wáyé nínú átọ́ọ̀mù káábọ́ọ̀nù kankan:

```
A  [↑ ][↑ ][  ]
B  [↑↓][  ][  ]
D  [↑↑][  ][  ]
E  [↓ ][↓ ][  ]
```

Ọmọ náà mú D nìkan. Olùkọ́ rẹ̀ fa ìlà pupa sí i, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé B, D àti E ni kò lè wáyé, pé A nìkan ló pa òfin mọ́. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe tí kò dáa?" Mo wo ìwé náà títí. Kò sí ohun tí ọmọ náà ṣe tí kò dáa.

Mi ò ní bú olùkọ́ yẹn, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa ní òfin Páólì àti òfin Húndì pa pọ̀ bíi Táyé àti Kẹ́hìndé, ojú ìwé kan náà, ọjọ́ kan náà. Ẹni tó bá rú ọ̀kan, àwòrán rẹ̀ ti bàjẹ́, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn òfin méjèèjì ń sọ jìnnà síra wọn gan-an. Páólì ń sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀, Húndì ń sọ èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù: kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wà nínú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọfà wọn sì kọjú síbì kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Fún 2p, n jẹ́ 2, l jẹ́ 1. Nígbà tí l bá jẹ́ 1, m lè jẹ́ −1, 0 tàbí +1, ìdí nìyí tí àpótí fi jẹ́ mẹ́ta. Àpótí kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ọ́bítà. Nọ́ńbà kẹrin, s, ni ti sípíìnì, +½ tàbí −½, òun ni ọfà sókè àti ọfà sílẹ̀. Àyè mẹ́fà ló wà nínú 2p nígbà náà: àpótí mẹ́ta, ọfà méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní 1925, Páólì sọ pé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì nínú átọ́ọ̀mù kan kò lè jẹ́ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kan náà. Àwòrán D ti kú síbẹ̀: àpótí kan, ọfà kan náà, nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bára mu. Ṣùgbọ́n nínú B, s wọn yàtọ̀, Páólì kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká kà á. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ní àyè mẹ́fà tó lè mú, èkejì ní márùn-ún, nítorí Páólì kò jẹ́ kó mú ti àkọ́kọ́. Mẹ́fà lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọgbọ̀n. Kò sì sí àmì kankan lára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí a ó fi mọ èyí àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí èkejì, nítorí náà a pín in sí méjì, ó ku 15. Káábọ́ọ̀nù ní ọ̀nà 15 láti to ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì sínú 2p. Bí Páólì kò bá sí, mẹ́fà mìíràn tó dà bíi D ìbá kún un, yóò di 21.

Àwọn tó ń tú ìmọ́lẹ̀ káábọ́ọ̀nù palẹ̀ láti mọ agbára inú rẹ̀ rí i pé ọ̀nà 15 yìí pín sí ìpele mẹ́ta. Mẹ́sàn-án wà nísàlẹ̀ pátápátá. Márùn-ún wà lókè wọn, ní nǹkan bí 1.26 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì. Ẹyọ kan ṣoṣo wà lókè téńté, ní nǹkan bí 2.68. Mẹ́sàn-án, márùn-ún, ọ̀kan: 15 géérégé. Kò sẹ́ni tó rí mẹ́fà tí Páólì lé jáde. Ṣùgbọ́n mẹ́fà tó kù lẹ́yìn mẹ́sàn-án ìsàlẹ̀ ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀, a lè wọ̀n wọ́n, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni òfin Húndì sọ pé kì í ṣe ìsàlẹ̀. Bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì bá jọ wà nínú àpótí tí m rẹ̀ jẹ́ +1 bíi ti B, inú ìpele àárín yẹn ni wọ́n wà. Káábọ́ọ̀nù ṣì ni. Agbára rẹ̀ kàn ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ ni.

Ti E tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wà nínú mẹ́sàn-án ìsàlẹ̀, agbára kan náà pẹ̀lú A. Kò sí ibi tí Húndì ti sọ pé ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n kọjú síbì kan náà. Àṣà ìwé kíkà ni pé a máa ń ya ti òkè ṣáájú, bí a ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé láti ọwọ́ òsì.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹ̀rí tó ju ìwé lọ, ẹ wo ọ́síjìn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú 2p rẹ̀. Bí Húndì ṣe wí, méjì dá wà, ọfà wọn kọjú síbì kan náà. Ṣùgbọ́n lókè réré níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, ọ́síjìn máa ń bọ́ sí ipò tí sípíìnì gbogbo wọn ti pa ara wọn rẹ́, tó ga ju ìsàlẹ̀ lọ ní 1.97 ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù-fóòtì. Nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 630 nanomítà ló ń tú jáde. Òun ni pupa tí àwọn ará ìhà àríwá ayé ń rí lójú ọ̀run wọn lóru. Àwa náà ní tiwa lórí wa, ó wulẹ̀ ṣe bàìbàì ju ohun tí ojú lè rí lọ. Kámẹ́rà tó ń ya irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà l'Ábùjá. Nítorí pé sípíìnì gbọ́dọ̀ yí padà kí ó tó lè sọ̀kalẹ̀, ọ́síjìn náà lè dúró ní ipò yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì bí átọ́ọ̀mù mìíràn kò bá kọlù ú. Ohun tí olùkọ́ ní kò lè wáyé ń ṣe ìṣẹ́jú méjì gbáko láyé.

Ọ̀gá kẹ́mísírì wa nígbà náà fi bọ́ọ̀sì Kútọ̀ ṣàlàyé Húndì fún wa: ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń wá bẹ́ǹṣì tó ṣófo, ìgbà tí bẹ́ǹṣì bá tán ni wọ́n ń jókòó tira. Àpèjúwe náà dára, àmọ́ ó dúró lágbedeméjì. Ó sọ ìdí tí wọ́n fi ń mú àpótí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: wọ́n ń ti ara wọn. Kò sọ ìdí tí ọfà wọn fi ń kọjú síbì kan náà, nítorí ẹni méjì lórí bẹ́ǹṣì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè kọjú síbi tó wù wọ́n.

Ìdí náà ti ọwọ́ Páólì wá, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí s ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, òfin Páólì kò jẹ́ kí a bá wọn pọ̀ lójú kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ra, ṣíṣeé ṣe rẹ̀ ń lọ sí òdo. Wọ́n a máa yàgò fúnra wọn. Nítorí ìyẹn, ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ bo ààrin átọ́ọ̀mù mọ́ èkejì lójú, ààrin náà á lè fà wọ́n mọ́ra dáadáa, agbára á sì wálẹ̀. Ìṣirò tó péye lórí àwọn átọ́ọ̀mù kéékèèké fi hàn pé fífà yìí ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Húndì kì í ṣe ìkejì Páólì nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà ò sì lágbára tó bàbá: ipò ìsàlẹ̀ nìkan ló lè sọ fún wa láìṣìnà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ti òkè lè yàtọ̀ sí ohun tó wí.

Nínú ìdánwò, iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí wọ́n bá fún yín ní nọ́ńbà wọn ló máa sọ òfin tí ẹ lè lò. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, bíi (2, 2, 0, +½), kò sí bí Páólì tàbí Húndì ṣe lè wọ̀ ọ́. Ẹ wò ó bóyá ọ́bítà náà wà: l kì í kọjá n−1, nítorí náà 2d kò sí nínú átọ́ọ̀mù kankan, ìbéèrè ti tán. Bí ó bá jẹ́ méjì nínú átọ́ọ̀mù kan, ẹ wá Páólì. Ìgbà tí wọ́n bá tó fún yín ní gbogbo àwọn tó wà nínú 2p, tí wọ́n sì bi yín léèrè ipò ìsàlẹ̀, ni Húndì tó ní ẹnu ọ̀rọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní (2, 1, −1, −½) fún náítírójìn, tí wọ́n ní kò tọ̀nà nítorí Húndì ní +½ ló yẹ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náítírójìn bá jẹ́ −½, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n wà.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ọmọ náà, torí ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọ yunifásítì. Bí a bá ya [↑ ][↓ ][  ], ó dà bí ẹni pé ó rú Húndì pátápátá. Irú rẹ̀ mẹ́fà ló wà nínú 15. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka mẹ́sàn-án ìsàlẹ̀: àwọn tí ọfà wọn kọjú síbì kan náà jẹ́ mẹ́fà péré, A àti E wà lára wọn. Níbo ni mẹ́ta tó kù ti wá? Inú mẹ́fà tó dà bí arúfin yẹn ni. Bí a bá po wọ́n méjì-méjì, ìdajì wọn bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìdajì yòókù gòkè. Àpótí àti ọfà kò lè ya irú àpòpọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.