Ọjọ́ kóòdù kò tíì pé, ilẹ̀kùn kọ̀ kò ṣí: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àgádágodo onínọ́ńbà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo sì ní fúláàtì kan ní Lẹ́kí tí mo fi ń gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀. Mo ṣe kóòdù fún àlejò kan láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Bàálù rẹ̀ pẹ́, ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ló dé, ilẹ̀kùn kọ̀ kò ṣí. Ọjọ́ kóòdù náà kò tíì pé. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Wákàtí 24 ló pa á. Nínú áàpù TTLock, tí ọ̀pọ̀ àgádágodo onínọ́ńbà ń lò bí orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra, kóòdù tí ẹ bá ṣe lábẹ́ Timed, ìyẹn èyí tí ẹ yan ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbà ìparí fún, gbọ́dọ̀ rí ẹni tẹ̀ ẹ́ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ̀ ẹ́ láàárín àkókò yẹn, ó ti kú nìyẹn, ì báà ṣe pé ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ó parí. Ká ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ti àlejò yín bẹ̀rẹ̀, aago méjì ọ̀sán Àbámẹ́ta ni gbèdéke rẹ̀. Bó bá dé ní aago márùn-ún, ó ti fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Òfin kan náà ló de kóòdù Permanent, èyí tí kò ní ọjọ́ ìparí. Ti One-time tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí 6 péré ló ní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà nídìí rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ṣe kóòdù yẹn, kò sí nǹkan kan tó kúrò lọ́dọ̀ yín dé ẹnu ilẹ̀kùn Lẹ́kí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ so àgádágodo náà mọ́ áàpù, àwọn méjèèjì ti jọ fi àṣírí kan pamọ́. Àṣírí yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò: áàpù á mú ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìgbà ìparí tí ẹ yàn, á pò wọ́n mọ́ àṣírí náà, á sì yọ nọ́ńbà jáde fún yín. Bí àlejò bá tẹ nọ́ńbà náà, àgádágodo á fi àṣírí tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, á rí ìgbà tó wà nínú rẹ̀, á sì wo aago tó wà nínú ara rẹ̀ bóyá ìgbà náà ti tó tàbí ó ti kọjá. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn tí kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì rárá fi lè gba kóòdù tí ẹ ṣe láti òkè òkun. Ìdí nìyí náà tí kò fi mọ̀ pé kóòdù kan wà láyé títí dìgbà tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

Kóòdù tó ti kú kò ṣeé jí. Ẹ ṣe tuntun lábẹ́ Timed, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí tí ẹ wà yẹn gan-an, kí ìparí rẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kí ẹ sì fi ṣọwọ́ lórí Wọ́sáàpù. Bó bá jẹ́ pé láti òkè òkun ni àlejò ti ń bọ̀, ohun tí mo máa ń gba onílé níyànjú ni pé kó má ṣe kóòdù náà títí àlejò fi máa sọ pé òun ti gba ẹrù òun ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Láti ibẹ̀ dé Lẹ́kí, kódà bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà lórí Afárá Kẹta, kò ní gba wákàtí 24. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹni tí ẹ fọkàn tán nílé bá yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ Ẹtì, kóòdù náà á wà láàyè di ọjọ́ Ajé. Àléébù ibẹ̀ ni pé ẹni yẹn náà ti mọ kóòdù àlejò. Èmi ò ní ṣe é àfi bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin tó ń bá mi tún ilé náà ṣe ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ pa kóòdù rẹ̀ rẹ́ láti ibí, áàpù ní àfi kí n sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ṣé bàálù ni kí n wọ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ò ní wọ bàálù. Àmọ́ òótọ́ ni áàpù sọ. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló gbé àṣẹ ara rẹ̀ dání, ẹ ò sì lè gba àṣẹ yẹn padà láìjẹ́ pé ìròyìn dé etí àgádágodo fúnra rẹ̀. Búlútúùtù ló ń gbé ìròyìn yẹn, Búlútúùtù kì í sì í rìn jìnnà.

Ọ̀nà tó yá jù fún ẹni tí kò sí nílé ni kóòdù tí wọ́n ń pè ní Erase. Ẹ lè ṣe é láti Lọ́ńdọ̀nù bí ẹ ṣe ń ṣe ti àlejò, ẹ fi ránṣẹ́ sí máígádì tàbí aládùúgbò, kí ó tẹ̀ ẹ́ lára ilẹ̀kùn kí wákàtí 24 tó pé. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo kóòdù tó wà lórí ilẹ̀kùn náà á parẹ́ pátápátá. Mo ní gbogbo rẹ̀ o: ti ẹni tó lọ, ti àlejò tó jáde lọ jẹun, ti ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àlejò wà nílé, kí ẹ sì wà ní ìmúrasílẹ̀ láti ṣe kóòdù tuntun fún olúkúlùkù ní kété tí máígádì bá ti tẹ̀ ẹ́ tán.

Bí ẹ bá fẹ́ máa pa kóòdù ẹnì kan ṣoṣo rẹ́ láti òkèèrè, ẹ ra àpótí kékeré tí áàpù ń pè ní Gateway. Wáìfáì ilé ni yóò máa lò láti bá yín sọ̀rọ̀, Búlútúùtù ni yóò sì fi máa bá àgádágodo sọ̀rọ̀, torí náà kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ fi òun àti ẹ̀rọ Wáìfáì sórí ìnfátà. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ tí wọn kò sí lórí ìnfátà, ilẹ̀kùn ṣì ń ṣí fún ẹni tó ní kóòdù nítorí bátìrì tirẹ̀ ló ń lò, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín kò ní tó o mọ́ títí iná á fi dé.

Ní ti ẹni tuntun tí ẹ bá gbà, ẹ má fún un ní Permanent. Bí ẹ ò bá ní Gateway, ẹ ṣe Timed olóṣù kan fún un, kí ẹ máa ṣe tuntun lọ́jọ́ tí ẹ bá ń san owó oṣù rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an nítorí òfin wákàtí 24. Lóṣù tó bá kúrò, ẹ ò ní ohunkóhun láti pa rẹ́, kóòdù á parí fúnra rẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé ó ń ṣílẹ̀kùn tọ̀sán-tòru, nígbà tí àlejò lè wà nínú balùwẹ̀. Bí ẹ bá ní Gateway, Recurring ló dára jù: ẹ yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, kò sì ní ṣí lákòókò mìíràn. Bó bá tún ń wá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ ṣe òmíràn fún ọjọ́ Ẹtì.

Kí ẹni méjì má jọ lo kóòdù kan, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i nínú áàpù. Orúkọ yẹn ni ẹ máa rí nínú àkọsílẹ̀ bí nǹkan bá sọnù. Bí kò bá sí Gateway, inú àgádágodo ni àkọsílẹ̀ náà máa wà títí fóònù tó ní àṣẹ fi máa dé tòsí rẹ̀.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ fi fúláàtì kejì fún ayálégbé ọlọ́dún kan. Ṣé kí n jẹ́ kí kóòdù rẹ̀ parí lọ́jọ́ tí owó ilé rẹ̀ bá tán?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé fi ipá lé ayálégbé jáde láìgba ilé ẹjọ́. Kóòdù tó kú lóru mọ́jú ọjọ́ tí owó tán, tí ẹrù rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà nínú ilé, ìtìmọ́ta gbáà ni, kò yàtọ̀ sí ká lọ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Àlejò ọjọ́ mẹ́ta ni kóòdù tó ń parí fúnra rẹ̀ tọ́ sí. Ayálégbé ló ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ni kí ẹ sọ ọ́ di Authorized Admin nínú áàpù. Òun fúnra rẹ̀ á máa ṣe kóòdù fún ìyàwó, ọmọ àti ẹni tó bá ń tún ilé ṣe fún un, kò sì ní máa pè yín ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀yin pẹ̀lú ṣì lè ṣe kóòdù lórí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ ò ní ṣe é láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un ṣáájú. Lọ́jọ́ tó bá kó jáde, ẹ gba àṣẹ náà padà, kí ẹ sì tẹ Erase.

Ìbéèrè: Àwọn kan máa ń dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ wo ọwọ́ àlejò bó ṣe ń tẹ nọ́ńbà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ àgádágodo wọ̀nyí ló ń gbà kí ẹ kó nọ́ńbà tí kò wúlò ṣáájú kóòdù gidi àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí kóòdù bá jẹ́ 482917, báyìí ni àlejò lè ṣe tẹ̀ ẹ́:

```
73482917506#
```

Ẹni tó ń wò kò ní mọ ibi tí gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dán an wò lára tiyín kí ẹ tó kọ́ àlejò.

Ìbéèrè: Láti àná, kóòdù àlejò mẹ́ta ló kọ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ tuntun ni gbogbo wọn. Kóòdù tí èmi fúnra mi ń lò, Permanent, ṣì ń ṣí i.

Ìdáhùn: Aago inú àgádágodo ló ti ṣìnà. Permanent kò ní ọjọ́ ìparí tí àgádágodo máa fi wé aago, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Timed ni aago tó ṣìnà máa ń ṣàkóbá fún. Ẹ bi máígádì bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì, tàbí bóyá bátìrì ti kú fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹni tó ní àṣẹ nínú áàpù gbé fóònù dé ẹnu ọ̀nà, kí ó tan Búlútúùtù, kí ó wọ Settings, kí ó sì tún aago àgádágodo náà ṣe níbẹ̀. Aago fóònù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ̀nà ṣáájú. Bí ẹ bá ní Gateway, ẹ lè ṣe é láti Lọ́ńdọ̀nù.

Bó bá jẹ́ pé bátìrì ló kú pátápátá tí àlejò sì wà níta, ẹ ní kí ó wo abẹ́ àgádágodo. Àwọn kan ní ojúhò tí a lè ki wáyà páwábáǹkì sí, àwọn mìíràn ní irin kékeré méjì tí a ń fi bátìrì onígun 9V kàn. Kó má gbé e kúrò títí yóò fi tẹ kóòdù tán tí ilẹ̀kùn á sì ṣí. Bí ẹ bá ti fi bátìrì tuntun sí i, ẹ tún aago ṣe kọ́kọ́, kí ẹ tó ṣe Timed tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí yẹn, kí máígádì sì bá yín tẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ti àlejò lọ́tọ̀.