Kéèkì tí ò lẹ́yin: kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò ẹ̀, kí ló sì máa yípadà?

Ìyá kan ní Ìgbógbó, níbí ní Ìkòròdú, ló wá bá mi fún kéèkì ọjọ́ ìbí, ó ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹyin sí i o, ara ọmọ mi máa ń sú." Ẹ jẹ́ ká fi kéèkì yẹn ṣàlàyé. Ẹyin ló ń di kéèkì mú tí iná bá kàn án, ó ń jẹ́ kó wú, ó tún ń fún un lómi. Nínú àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ pé ká fi rọ́pò ẹ̀ yìí, kò sí èyí tó lè dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe.

Fúláwà 250 gíráàmù, ṣúgà 150, bọ́tà 100, bekin pọ́dà síbí kékeré méjì, mílíìkì díẹ̀ àti ẹyin méjì ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni mo fi rọ́pò ẹyin, èyí tó ti pọ́n débi pé èèpo ẹ̀ ti ní àmì dúdú dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ kúnná títí tí ò fi ní kókó mọ́, 60 gíráàmù fún ẹyin kan, ìyẹn 120 fún méjì. Ẹ dín ṣúgà kù sí 120 torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra ẹ̀ ti dùn, ó sì máa ń jẹ́ kí ojú kéèkì tètè dúdú, torí náà ẹ máa yọjú wò ó nínú ọ́fùn, tó bá ti fẹ́ jó, ẹ fi fọ́ìlì bò ó. Omi ló pọ̀ lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í wú kéèkì, mo fi ààbọ̀ síbí kékeré bekin pọ́dà kún un. Inú ẹ̀ máa ki ju ti ẹlẹ́yin lọ, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò sì ní farasin, ẹni tó bá ń fẹ́ fanílà nìkan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, fláksíìdì ni, hóró kéékèèké kan báyìí. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, torí odindi ò ní tú nǹkan tó ń yọ̀ lára ẹ̀ jáde dáadáa, síbí ńlá kan àti omi síbí ńlá mẹ́ta ló dípò ẹyin kan, ẹ fi í sílẹ̀ fún mínítì 10, ó máa fà bí ilá. Ó ń di kéèkì mú dáadáa, àmọ́ kò lè wú u, ẹ sì máa rí àmì búráùn kéékèèké nínú ẹ̀. Bisikíìtì ló bá a mu jù.

Èyí tó dá lórí wíwú nìkan ni fíníga síbí ńlá kan pẹ̀lú bekin sódà síbí kékeré kan, dípò ẹyin kan. Gáàsì ẹ̀ ò ní dúró de yín, tẹ́ẹ bá ti pò ó tán, kó wọ ọ́fùn lójú ẹsẹ̀. Kò sóhun tó ń dì í mú, torí náà ó máa ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ má sì rò pé ẹ lè máa fi sódà kún un lọ: tó bá pọ̀ jù, kéèkì á wú fùkẹ̀, àárín ẹ̀ á wá rì wọlẹ̀, á sì dà bíi pé ọṣẹ lẹ ń jẹ.

Kéèkì tó gba ẹyin mẹ́rin, márùn-ún, irú tó jẹ́ pé ẹyin tá a lù ló ń gbé e dìde, ẹ má fi ìkankan nínú ìwọ̀nyí dán an wò. Èyí tẹ́ẹ bá sì ṣe, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ẹ tó gé e, torí títí tó fi tutù ni inú ẹ̀ ṣì ń dì, tẹ́ẹ bá fi ọ̀bẹ kàn án ní gbígbóná, ẹ máa rò pé kò jiná.