Bí Ímeèlì Tó Ń Béèrè Ìpàdé Lórí Orí Àpilẹ̀kọ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí kan ní Akọka tàbí ní Ọ̀jọ́ lè ní akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà lábẹ́ rẹ̀, kí ó tún máa kọ́ kíláàsì, kí ó sì máa máàkì ìdánwò. Ìdí nìyí tí ímeèlì tó kàn sọ pé “Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ rí yín lórí iṣẹ́ mi” kì í fi í tètè rí èsì: ẹni tó kà á kò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà máa gbà tàbí odidi ọ̀sán. Ohun tó yẹ kí ímeèlì náà gbé síwájú alábòójútó ni ìpinnu kan pàtó tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá ṣe.

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń fi èdè Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì lórí ìpolówó ọjà ní Oyíngbò, Mushin àti Balógun. Ní Orí Kẹta, níbi tó ti ṣàlàyé ọgbọ́n ìwádìí rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ibi tí òun ti gba ohùn sílẹ̀ ni òun máa fi pín ìpolówó sí ìsọ̀rí. Nígbà tó wá ń ṣe ìtúpalẹ̀ ní Orí Kẹrin, ó ṣàkíyèsí pé ìpolówó ẹlẹ́kọ ní Mushin jọ ti ẹlẹ́kọ ní Oyíngbò ju bó ṣe jọ ti ẹni tó ń ta bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá yí ìpín náà padà, ohun tó kọ sí Orí Kẹta kò dúró mọ́. Bí kò bá sì yí i padà, ìtúpalẹ̀ rẹ̀ kò ní bá ohun tí etí ń gbọ́ mu. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbé lọ bá alábòójútó gan-an nìyí, ó sì lè kọ ọ́ báyìí:

“Àkòrí: Ìbéèrè fún ìpàdé lórí ìpín ìpolówó ní Orí 3 àti 4

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ mà. Mo fi Orí Kẹta tí mo ti tún ṣe, àti Orí Kẹrin tí ẹ kò tíì rí, ránṣẹ́. Ibi tí mo ti gba ohùn sílẹ̀ ni mo fi pín ìpolówó, ṣùgbọ́n àwọn àpẹẹrẹ tó wà ní ojú ìwé 9 sí 14 nínú Orí Kẹrin fi hàn pé ohun tí wọ́n ń tà ló yẹ kí n fi pín in. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wò ó bóyá kí n yí i padà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti tó. Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 14 tàbí Ọjọ́bọ̀ 16, láti agogo mọ́kànlá, tàbí ìgbà mìíràn tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣeun mà.”

Ojú ìwé 9 sí 14 yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Alábòójútó tí kò ráyè ka gbogbo iṣẹ́ náà lè ka ojú ìwé mẹ́fà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, kí ó sì ti ní èrò lọ́kàn. Ìkíni kan tó láti fi bọ̀wọ̀ fún wọn nínú lẹ́tà. Èyí tó kù yóò wáyé lójúkojú. Ó yẹ kí ọjọ́ tí a dá tó ọ̀sẹ̀ méjì síwájú, kó má sì jẹ́ àárọ̀ kùtù, nítorí ẹni tó ń ti Ìkòròdú bọ̀ ní Akọka kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ kò ní dá òun dúró.

Fáìlì ló sábà máa ń da nǹkan rú. Gmail kì í gbé ju 25MB lọ, nítorí náà ohùn àwọn oníṣòwò kò ní wọlé. Google Drive ni a máa ń kó o sí. Kò dára kí a ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, torí pé ohùn ẹni ẹlẹ́ni ni. Àdírẹ́sì alábòójútó nìkan ló yẹ kí a fún ní àyè. Bí wọ́n bá wá fi àdírẹ́sì mìíràn wọlé, “You need access” ni wọ́n máa rí. Bí wọ́n bá tẹ ibi tí a ti ń béèrè àyè, akẹ́kọ̀ọ́ á gba ímeèlì kan tó gbé àdírẹ́sì tí kò mọ̀. Kó má ṣe kà á sí ti oníjìbìtì láìwádìí. Orúkọ fáìlì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀: `Ori3_atunse2.docx` sàn ju `final_final.docx` lọ.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, orí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti fèsì, kí fáìlì àti ìbéèrè má bàa ya ara wọn. Gbólóhùn méjì ti tó: kí ó rán wọn létí, kí ó sì dá ọjọ́ tuntun. Lẹ́yìn ìpàdé, orí rẹ̀ náà ni yóò kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sí kó tó sùn lọ́jọ́ náà: “Mo máa fi ohun tí wọ́n ń tà pín ìpolówó, mo máa tún Orí Kẹta kọ, mo sì máa fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, alábòójútó á lè tọ́ ọ sọ́nà kó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnkọ náà.