Ẹ Má Fi Òtapíápíà Wẹ Ajá Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Mú Wálé

Ajá mẹ́rin ni wọ́n ti gbé wá bá mi ní ilé ìtọ́jú ẹranko mi ní Ìbàdàn láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì jẹ́ àgbà ajá ìgboro tí ẹnìkan ṣàánú, tí ó mú wálé, tí ó sì fẹ́ pa eégbọn ara rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Méjì nínú wọn kú.

Èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ abo ajá pupa kan tí bàbá kan rí lẹ́bàá búkà. Eégbọn wà ní etí rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n tò. Bàbá náà ní, "Dókítà, òtapíápíà díẹ̀ la kàn dà sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀." Kò pé wákàtí kan tí itọ́ fi ń ṣàn lẹ́nu ajá náà, ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ ojú rẹ̀ sì ti sún kì bí ojú abẹ́rẹ́. Ìyàwó wọn tún ti da epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí wọ́n ní epo pupa ń pa májèlé. Epo pupa kì í pa májèlé yìí. Ajá tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa ni ẹ ń da epo sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Oògùn kòkòrò yẹn máa ń gba awọ wọlé, ajá sì tún máa ń lá ara rẹ̀. Ó ń dí ohun tó yẹ kó mú kí iṣan ara sinmi lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí náà iṣan kò ní dákẹ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò sì kún àyà títí mímí yóò fi nira. A wọ ìbọ̀wọ́, a fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, a sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ atropíìnì ní àgúntúngún títí àyà rẹ̀ fi gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí ajá tuntun sinmi lọ́jọ́ mẹ́ta láìwẹ̀ ẹ́, níbi tó dákẹ́, tó jìnnà sí ajá yòókù àti àwọn ọmọdé. Tí kò bá jẹun dáadáa lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rù ló sábà máa ń fà á. Ẹ fi ẹ̀mú já eégbọn láti ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ awọ ajá, kí ẹ sì gba oògùn fipronílì tí a ń kán sẹ́yìn ọrùn lọ́wọ́ dókítà ẹranko, ní ìwọ̀n tó bá ara ajá náà mu. Nígbà náà ni kí ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí kì í ran ajá tí àrùn náà ti wọ̀ lára lọ́wọ́, àrùn náà sì lè sápamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ajá náà ti sanra díẹ̀. Ó bi mí bóyá ìlàjì ọmọrí òtapíápíà kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Mo kọ orúkọ fipronílì sórí ìwé, mo sì fi lé ìyàwó wọn lọ́wọ́.